Igun Ọ̀tún Nísàlẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Rauf fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ páànù kan ní Sango, a kò sì gbọ́ ọ rí pé ìṣó kan dín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gba ẹrù, ìbáà jẹ́ ọ̀gá pátápátá, yóò dúró kí Rauf kà á lẹ́ẹ̀kíní, kí ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó ìwà náà bọ̀ wá sílé rẹ̀ ní Ilo-Awela, ní Ọ̀tà. Ó ń ka àga. Ó ń ka ṣíbí. Bí àwọn ọmọ bá ti òde dé, á ka orí wọn kí ó tó dáhùn ìkíni. Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Nùrẹ́nì, ẹ ka èmi náà o, kí n má lọ dín."

Rauf kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á nàka sí i. "Ọ̀kan," ni yóò wí. "O pé."

Àbújá ni ó ti dín. Oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìyàwó Nùrẹ́nì, ọmọ wọn ọkùnrin, bímọ, Mùíbátù sì di ẹrù rẹ̀, ó lọ bá wọn wẹ ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó débẹ̀ tí ìjọba fi ti gbogbo ọ̀nà nítorí àrùn Kòrónà. Ẹni tó wà ní Àbújá wà ní Àbújá, ẹni tó wà ní Ọ̀tà wà ní Ọ̀tà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn ọdún Ìtúnú Ààwẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Mùíbátù ṣubú ní ìyẹ̀wù ọmọ rẹ̀. Wọ́n sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Ọ̀nà kò tíì ṣí. Rauf jókòó sórí àga ní Ilo-Awela, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà ìkẹyìn tí Rauf fi ojú rẹ̀ rí ìyàwó rẹ̀ ni òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún náà, lójú ẹ̀rọ láptọ́ọ̀pù Naimat.

Naimat ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ní ilé ìwé aládàáni kan ní Oju Ore. Kì í ṣe Mùíbátù ló bí i. Ìyá tó bí òun àti Jìbírílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Mùíbátù ló tọ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì le lára Naimat. Ọdún méjì kí Mùíbátù tó lọ sí Àbújá ni Naimat mú ọkùnrin kan wálé, Mùíbátù sì ní òun kò fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà lọ, kò padà. Láti ìgbà náà, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì" àti "Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì" ni ọ̀rọ̀ tó kù láàárín àwọn méjèèjì.

Ní ọdún yẹn kò sí ìrun ní yídì. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó yí Ọ̀tà ká pàápàá ti gbé ìsìn wọn sórí ẹ̀rọ, àwọn yunifásítì ń kọ́ ọmọ láti ilé. Nùrẹ́nì ní kí ìdílé wọn náà pàdé lórí ẹ̀rọ, kí Mọ́mì lè ṣàdúrà fún gbogbo wọn. Naimat gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì ní pálọ̀. Rauf fa àga súnmọ́ ọn, ó wọ awò rẹ̀, ó bojú jẹ́.

"Naimat, lẹ́tà kí nìyí? Ṣé èèrà ni mò ń kà ni?"

"Ó ti mọ́ ojú mi bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Kò mọ́ ojú tèmi. Sọ ọ́ di ńlá. Mo fẹ́ rí orúkọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀."

Naimat tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn, gbogbo nǹkan ojú ẹ̀rọ náà sì wú. "Ṣé ó tó, Bàbá?"

"Ó tó."

Nígbà náà ni Naimat ṣí áàpù kan, irú èyí tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní ọ́fíìsì wọn, tí í máa gba gbogbo ohun tó bá ń lọ lójú ẹ̀rọ sílẹ̀, ohùn àti àwòrán, kí ènìyàn lè tún un wò. Ó ní ó yẹ kí àdúrà Mọ́mì wà nílẹ̀. Rauf gbọ́ ọ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbàgbé pé òun gbọ́ ọ ni.

Nígbà tí ọjọ́ ogójì pé, ọ̀nà ti ṣí, ilẹ̀ sì ti bo Mùíbátù. Rauf ní kí Naimat gbé fídíò náà wá. Ó jókòó, ó da ọwọ́ lé eékún, ó ń retí. Fídíò náà bẹ̀rẹ̀. Ó rí Fàlílù àbúrò rẹ̀ nínú fèrèsé kan. Ó rí àwọn mìíràn. Ó gbọ́ ohùn Mùíbátù, ó dún kedere, bí ẹni pé inú yàrá kejì ló wà. Kò rí ojú rẹ̀. Ó dúró kí ó yọ, kò yọ. Apá òsì ìpàdé náà lókè wà. Ibi tí Mùíbátù jókòó, ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n gé e bí ẹni fi abẹ gé e.

Rauf ti fídíò náà pa kí àdúrà tó parí.

"O gé e kúrò."

"Bàbá, n kò gé nǹkan kan. Bó ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn, èmi náà kò mọ ìdí..."

"Ta ló wá gé e? Èmi?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán kan tún wà tí mo..."

"Má sọ̀rọ̀. O kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Ó kú tán, o tún yọ ojú rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́." Ó dìde. "Jáde nílé mi. Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, èmi ni mo rà á."

Naimat kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò méjì, ó lọ gba yàrá kan ní Joju. Oṣù mẹ́wàá ni Rauf kò fi ojú kàn án. Bí Jìbírílù bá pè é láti Ìlọrin tó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Rauf á ní iná fóònù òun fẹ́ kú.

Nígbà tí àdúrà ọdún kan Mùíbátù ku ọ̀sẹ̀ méjì, Nùrẹ́nì ní kí wọ́n ṣe báńà. Nígbà náà ni Rauf rántí pé òun kò ní fọ́tò ìyàwó òun tó dára. Èyí tó wà nílé jẹ́ ti ọdún pípẹ́, omi òjò sì ti bá a jẹ. Mùíbátù kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun. Rauf gbé láptọ́ọ̀pù náà sábẹ́ apá, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Oju Ore, sọ́dọ̀ Bíọ́lá.

Ṣọ́ọ̀bù Bíọ́lá wà nísàlẹ̀ ilé alájà kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lókè rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí ló ń bọ́ ọ. Òun ló ń ya ìsìn wọn, tó ń gé e, tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ fún àwọn ará òkè òkun. Ọláníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń tẹ báńà àti ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ yunifásítì nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Nígbà tí Rauf wọlé, tọkọtaya náà ń jà lórí fáànù.

"Ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ni fáànù yìí ń fẹ́ sí," ni Ọláníkẹ́ wí.

"Iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ Olúwa kò gbọdọ̀ làágùn."

"Iṣẹ́ Olúwa tí pásítọ̀ ní o gé òun lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá! Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ má dá a lóhùn."

Rauf kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá ní ṣókí. Fídíò kan wà nínú rẹ̀. Wọ́n gé ìyàwó òun kúrò nínú rẹ̀. Ó ti kú. Òun fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tí wọ́n gé ṣeé dá padà, kí òun lè fi ojú rẹ̀ ṣe báńà.

Fáànù ń dún. Bíọ́lá yí i sọ́dọ̀ Rauf.

"Bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ta ló gé e?"

"Ọmọ mi obìnrin."

Bíọ́lá fa ẹ̀rọ náà mọ́ra. Ó ṣí fídíò náà, ó jẹ́ kó máa lọ. Rauf yí ojú sí ògiri, níbi tí fọ́tò àwọn òkú olókùú wà lóríṣiríṣi. Kò tíì gbọ́ fídíò náà láti ọjọ́ ogójì. Ohùn Mùíbátù kún inú ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó ṣàdúrà fún Fàlílù. Ó ṣàdúrà fún ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ó ní: "Naimat, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ tí etí rẹ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀. Má bínú sí mi mọ́, ṣé o gbọ́?" Ohùn Naimat sì dáhùn wẹ́rẹ́, ó súnmọ́ ẹ̀rọ ju ti àwọn yòókù lọ: "Àmín, Mọ́mì. N kò bínú mọ́."

Rauf kò rántí eléyìí. Ọwọ́ rẹ̀ mú etí tábìlì.

Mùíbátù tún rẹ́rìn-ín nínú fídíò náà. "Bàbá Nùrẹ́nì, ẹ ti kà wá? Ṣé a pé?"

Ohùn Rauf fúnra rẹ̀ dáhùn, ó le, ó gbẹ: "Ẹ pé. Fèrèsé mẹ́sàn-án."

Bíọ́lá dá fídíò náà dúró. Ó fi ìka tọ́ka sí ojú ẹ̀rọ, ó ń ka nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ wò ó. Ẹ ní mẹ́sàn-án. Mélòó lẹ rí níbí?"

Rauf tẹ̀ síwájú. Ó kà á lẹ́ẹ̀kíní. Ó tún kà á. "Mẹ́rin," ni ó wí.

"Àwọn márùn-ún ni kò sí. Kì í ṣe ìyá nìkan. Ta ló tún sọnù?"

Rauf wá àwọn ojú náà. Jìbírílù kò sí, ọmọ ìyá Naimat gan-an, tó wà lókè ní apá ọ̀tún ní ọjọ́ yẹn. Àwọn ẹbí tó wà ní Ìbàdàn kò sí. Ṣùkúrát àbúrò Mùíbátù kò sí. Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti wo fèrèsé mẹ́rin, ó ti lé ọmọ rẹ̀ jáde lórí rẹ̀, kò sì kà á. Ojú kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ ń wá.

"Ẹni tó bá fẹ́ yọ ènìyàn kan," ni Ọláníkẹ́ wí jẹ́jẹ́ láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, "kò ní yọ márùn-ún, Bàbá."

Bíọ́lá ti ń tẹ nǹkan. "Ìwọ̀n fídíò yìí rèé. 1280 ní ìbú, 720 ní òòró. Ẹ jẹ́ kí n wo ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n. 1920 ní ìbú, 1080 ní òòró." Ó tún tẹ ibì kan, ó mí kanlẹ̀. "Ìtóbi lẹ́tà rẹ̀ sì wà ní àádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mọ ejò tó bù ú jẹ."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù."

"Bàbá, ojú ẹ̀rọ yìí, ẹyọ iná kéékèèké ni wọ́n fi tò ó, bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. 1920 ló wà lórí ìlà kan láti òsì dé ọ̀tún. Ìlà 1080 ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iye yẹn kì í pọ̀ sí i, kì í dín. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá kéré jù fún ènìyàn, ó lè ní kí ẹ̀rọ máa ya gbogbo nǹkan ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ohun tó yẹ kó gba ẹyọ iná méjì á gba mẹ́ta. Ṣé ẹ ti ra ilẹ̀ rí?"

"Ilo-Awela ṣì jẹ́ igbó nígbà tí mo rà á."

"Ẹ ò rí i? Ká ní ọkùnrin gíga kan fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà, ó sì sọ fún yín pé ìṣísẹ̀ 1280 ni láti ògiri dé ògiri. Ẹ wá rán ọkùnrin kúkurú kan pé kó lọ rìn ín, kó sì gbin igi sí ibi tó bá parí sí. Òun náà rin ìṣísẹ̀ 1280, kò jí ọ̀kan gbé. Ṣé á dé ògiri?"

"Kò ní dé e."

"Áàpù àtijọ́ yìí ni ọkùnrin kúkurú náà. Ó bi ẹ̀rọ pé, báwo ni ojú rẹ ṣe fẹ̀ tó? Ẹ̀rọ ti wà lórí lẹ́tà ńlá, ìṣísẹ̀ gígùn ló fi dá a lóhùn. Áàpù tuntun mọ̀ pé lẹ́tà ti tóbi, á bèèrè iye ẹyọ iná gan-an. Tàtijọ́ kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì lókè, ó fi ẹsẹ̀ kúkurú ka 1280 lọ sí ọ̀tún, ó ka 720 wá sí ìsàlẹ̀, ó dúró. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ibẹ̀, kò yà á rárá."

Rauf yọ bírò lápò, ó fa bébà kan mọ́ra. Ó pín 1920 sí ọ̀nà kan àti ààbọ̀. Ó rí 1280. Ó pín 1080. Ó rí 720. Ó tún un pín, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni òun í máa ka nǹkan.

"Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán," ni Bíọ́lá wí. Ó ṣí áàpù náà, ó jẹ́ kó gba ojú ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó sì gbé e jáde. Aago kékeré tó máa ń wà ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ó ti áàpù náà, ó dá lẹ́tà padà sí ọgọ́rùn-ún, gbogbo nǹkan ojú ẹ̀rọ sì fún padà di èèrà. Ó tún ṣí áàpù náà, ó tún gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí aago náà wà níbẹ̀, ìwọ̀n fídíò náà sì jẹ́ 1920 sí 1080, láìku ẹyọ kan.

"Níbi tí ọmọ yín ti mọ áàpù yìí, bóyá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà wọn sí. Áàpù náà kò ní gé nǹkan níbẹ̀ láéláé. Kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀. Ta tilẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ lẹ́tà ẹ̀rọ yìí di ńlá tó báyìí?"

Ọláníkẹ́ gbójú sókè, ó wo awò tó wà lójú bàbá àgbàlagbà náà, ó sì tètè gbójú kúrò.

"Èmi ni," ni Rauf wí.

Ó ká bébà náà sí méjì. "Nítorí náà kò ṣeé dá padà."

"Kò ṣeé dá padà, Bàbá. Ká ní wọ́n gé e ni, a lè wá ibi tí wọ́n ju èyí tó kù sí. Eléyìí kò fìgbà kan wọnú rẹ̀." Bíọ́lá kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìpàdé tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbà á sílẹ̀, ó lè ti ya ojú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan." Ó wọnú ibi tí ẹ̀rọ náà í máa kó àwòrán sí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ọjọ́ ọdún náà. Ó ṣí i.

Fèrèsé mẹ́sàn-án. Ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, Mùíbátù jókòó, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó gbé ọmọ tuntun lé itan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dáhùn.

Rauf bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Àwòrán kan tún wà tí mo..." ni Naimat ń wí lọ́jọ́ ogójì. Ibi tí ó ti já ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn.

"Báwo ni èyí ṣe pé, tí ìyẹn kò pé?"

"Bọ́tìnì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló fi yà á, Bàbá. Ẹ̀rọ kò ṣi ara rẹ̀ wọ̀n. Gbogbo ẹyọ iná tó ní ló kó: 1920 sí 1080."

"Ṣe é ní báńà."

Bíọ́lá wo ìyàwó rẹ̀. Ọláníkẹ́ ló dáhùn, ó súnmọ́ ọn kí ó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú rẹ̀ péré ni Màmá ní níbẹ̀. Ẹyọ iná 640, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá fà á dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á fẹ́ẹ̀ tó hóró ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ojú wọn á di páálí páálí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjọ́ yẹn pàápàá kò dára. Ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ wa kò lè dá a."

"Báwo ló ṣe lè tóbi tó?"

"Ìnṣì méjì, kó fi mọ́. Mẹ́ta, kó fi ṣeé wò."

"Méjì," ni Rauf wí. "Tẹ ẹ̀dà méjì."

Kò gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ sílé tààrà. Ọ̀nà Joju ló gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ó bá Naimat níwájú ilé, ó ń fọ aṣọ, ó ń sá a. Naimat rí i, ó ju aṣọ sínú báàfù, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

Rauf kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó na àpòòwé kékeré sí i. Naimat yọ fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ ti rí i," ni ó wí.

"Mo ti rí i. Èmi ni mo ní kí o sọ lẹ́tà di ńlá."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Rauf gbójú sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun wá sí ọ́fíìsì wa, lẹ́tà rẹ̀ tóbi láti ilé ìtajà. Áàpù yẹn gé ìpàdé ọ̀gá wa bó ṣe gé tiwa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀."

"O kò sì wá sọ fún mi."

"Mo wá. Mo dé ẹnu géètì." Naimat ń fi àtàǹpàkò pa etí fọ́tò náà. "Mo ń gbọ́ ohùn yín nínú ilé, ẹ ń ka àwo. Mo ní, kí ni n óò wọlé lọ wí? Pé ẹ̀yin ni? Ẹ kò rí i sin. Ẹ kò rí ojú rẹ̀ nínú fídíò. Kí n tún wá gbé ìyẹn lé yín lórí? Mo ní kí ẹ máa bínú sí mi. Ìbínú sàn ju ìyẹn lọ."

Aṣọ ń kán omi sílẹ̀ lórí okùn. Rauf dúró gbọnin bí ó ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí.

"N kò kà á," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Fèrèsé mẹ́rin péré ni. N kò kà á, Naimat. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Naimat gbé fọ́tò náà sórí àga. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún pẹ̀lú ọwọ́ tó ní ọṣẹ, ojú náà sì ta á. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, "Ọjọ́ wo ni àdúrà ọdún náà?"

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ kọ́. Èyí tó tẹ̀lé e."

"Màá wá."

Kò ní òun á padà wálé. Rauf kò bi í. Ó yí padà láti lọ, ó tún dúró. "Bíọ́lá ti dá lẹ́tà ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe wà. N kò lè kà á mọ́."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni Naimat wí. "Tí mo bá wá, màá kà á fún yín."

Ní ìrọ̀lẹ́, Rauf gbé láptọ́ọ̀pù náà sórí tábìlì pálọ̀, ó ṣí fídíò náà, ó sì jẹ́ kí ó lọ títí dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó mú fọ́tò oní-ìnṣì-méjì náà, ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ní apá ọ̀tún, nísàlẹ̀, níbi tí ó yẹ kí fídíò náà dé tí kò dé.

"Ṣé a pé?" ni ohùn Mùíbátù bèèrè.

Rauf ka àwọn fèrèsé mẹ́rin. Ó nàka sí fọ́tò náà.

"Ọ̀kan," ni ó wí.